Ohun tí ọ̀gá ń rí kó tó ṣí ímeèlì

Ní ilé iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí n'Ìbàdàn, dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹni tó ń tà á fún wa ní òun kò ní fi kún owó rẹ̀ títí di aago 12 ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, iye tuntun la ó san. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo kọ ímeèlì sí máníjà wa. “Nípa ọ̀rọ̀ àná” ni mo fi ṣe àkọlé rẹ̀. Máníjà wà lójú ọ̀nà Èkó. Ó rí àkọlé náà lórí fóònù láàárín ọ̀pọ̀ mìíràn, ó rò pé ọ̀rọ̀ tó lè dúró ni, ó sì di ọjọ́ Ẹtì kó tó ṣí i. A san iye tuntun.

Nígbà tí mo tún lẹ́tà náà kà, inú rẹ̀ kò burú. Mo kí ọ̀gá, mo sọ bí epo ṣe ń lọ sí, mo sọ ẹni tí a bá dúnàádúrà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo wá kọ ọ́ sí pé kí wọ́n buwọ́ lu ₦2,400,000 fún 2,000 lítà, kí aago 12 Ọjọ́bọ̀ tó lù. Ohun tí mo ń béèrè gan-an nìyẹn, ibẹ̀ ni mo sì fi pamọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí nígbà tí a bá kọ àkọlé ṣáájú lẹ́tà: a ò tíì mọ ohun tí a fẹ́ béèrè tán tí a ti sọ ọ́ lórúkọ.

Àkọlé ni mo máa ń kọ kẹ́yìn báyìí. Màá lọ sí ìparí lẹ́tà, màá wá ọ̀rọ̀ ìṣe tí mo fẹ́ kí ọ̀gá ṣe: buwọ́ lù, yàn, dáhùn, kà. Òun ló máa ṣíwájú. Nǹkan tí a fẹ́ kí wọ́n ṣe é sí á tẹ̀lé e, ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ kọjá á sì tẹ̀lé ìyẹn. “Dísẹ́ẹ̀lì” nìkan ì bá sàn ju “Nípa ọ̀rọ̀ àná” lọ, ṣùgbọ́n ọ̀gá kò ní mọ̀ bóyá ẹ ti rà á ni tàbí ẹ ń tọrọ owó rẹ̀. Bí ó ṣe yẹ kí n kọ ọ́ nìyí:

“Ẹ buwọ́ lu owó dísẹ́ẹ̀lì ṣáájú ọ̀sán Ọjọ́bọ̀: ₦2,400,000”

Ẹ wo bí mo ṣe tò ó. Lórí fóònù, àkọlé tó máa ń hàn kì í sábà ju nǹkan bí 40 lẹ́tà lọ, fóònù mìíràn kì í tilẹ̀ gbé tó bẹ́ẹ̀. Ìyókù á gé. Láti “Ẹ” dé “Ọjọ́bọ̀” jẹ́ 38, àti àlàfo àárín ọ̀rọ̀. Bí ó bá gé, iye owó ló máa sọnù, ọ̀gá á sì rí ìyẹn nínú lẹ́tà.

Mo mọ ohun tó ń dí ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́. Ó dà bíi pé à ń pàṣẹ fún àgbà. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń kọ “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ fi tó yín létí”, tí fóònù á sì gé e kó tó kan ọ̀rọ̀. Nínú lẹ́tà ni kí ẹ ti kí wọn dáadáa, kí ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. “Ẹ” tó ṣíwájú àkọlé ti gbé ọ̀wọ̀ náà dání, nítorí kò sẹ́ni tó máa ka “Ẹ buwọ́ lù ú” bíi “Buwọ́ lù ú”. Bí ọkàn yín kò bá gbà á síbẹ̀, ẹ fi “Ẹ jọ̀wọ́” ṣíwájú, kí ẹ sì yọ iye owó kúrò.

Ibi mìíràn tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni ìfèsì. Ẹ máa rí ìbéèrè owó tuntun lábẹ́ “Re: Ìpàdé oṣù tó kọjá”, nítorí ẹni tó kọ ọ́ kàn wá lẹ́tà ọ̀gá kan láti fèsì sí. Ẹ yí àkọlé padà. Nínú Gmail, ìyípadà yẹn máa ń sọ ọ́ di ìjíròrò ọ̀tọ̀, kò ní sí lábẹ́ ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí náà ẹ fi gbólóhùn kan ṣàlàyé lókè lẹ́tà ohun tí ẹ ti jọ sọ. Bí kò bá sì sí ohun tí ọ̀gá máa ṣe rárá, ẹ kọ “Fún ìmọ̀ yín: dísẹ́ẹ̀lì ti dé, 2,000 lítà”, kí wọ́n lè fi í sílẹ̀ láìfòyà.

Àwọn àkọlé kan wà tí kò yẹ kó ṣe kedere tó bẹ́ẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, àkọlé máa ń yọ sójú gíláàsì kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i, ẹni tó jókòó ti ọ̀gá nínú mọ́tò sì lè kà á. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ń tọrọ ìsinmi nítorí àìsàn, mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ àìsàn. “Ẹ buwọ́ lu ìwé ìsinmi kan ṣáájú ọjọ́ Ẹtì” ti tó. Ẹni tó ni ín wà nínú lẹ́tà.