Pa ẹ́ńjìnnì kó o tó pa fáàfù: bí mo ṣe túmọ̀ ìkìlọ̀ ìlà kan sódì ní Ajégúnlẹ̀

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń lẹ táyà nítòsí Boundary, ní Ajégúnlẹ̀ níbí, ló pè mí. Ó ra kọ̀mpírẹ́sọ̀ àlòkù, èyí tó ń fi ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù fa afẹ́fẹ́ sínú táǹkì. Ìwé ìkìlọ̀ kékeré kan lẹ̀ mọ́ ọn lára, Òyìnbó pọ́ńbélé. “Àbúrò, ìwọ tó ń kọ ìròyìn,” ó ní, “bá mi kọ eléyìí ní Yorùbá, káwọn ọmọ iṣẹ́ lè kà á.”

Mo rò pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ìlà kan péré ló wà níbẹ̀. Òyìnbó tó kọ ọ́ kọ́kọ́ sọ pé kí wọ́n pa fáàfù. Lẹ́yìn náà ló ní kí èyí ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti dúró. Ìparí ìlà ló tó wá sọ ìgbà tó kàn wọ́n: bí afẹ́fẹ́ bá kọjá 120 PSI. Mo tẹ̀ lé e bó ṣe tò ó:

“Pa fáàfù họ́ọ̀sì dé, lẹ́yìn tí o bá ti pa ẹ́ńjìnnì, bí afẹ́fẹ́ bá kọjá 120.”

Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí àṣìṣe gírámà níbẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló pé. A gbé e kọ́, inú ẹ̀gbọ́n dùn, mo sì lọ sílé.

Lọ́jọ́ kẹta, ọwọ́ géèjì kọjá 120. Ọmọ iṣẹ́ kan ń ka ìkìlọ̀ náà sókè fún èkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ mọ bí ariwo ṣe máa ń rí níbẹ̀: jẹnẹrétọ̀, kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí Apapa. Ohun tí èkejì gbọ́ ni “Pa fáàfù họ́ọ̀sì dé.” Ó pa á. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú táǹkì nìyí. Ẹ́ńjìnnì ń ti afẹ́fẹ́ wọlé. Họ́ọ̀sì lọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Tó o bá dí ọ̀nà àbájáde, tí ẹ́ńjìnnì sì ń tì í wọlé lọ, afẹ́fẹ́ ò níbi tó máa gbà, á kàn máa le sí i ni. Fáàfù ààbò ló kó wọn yọ, ìyẹn fáàfù kékeré tó ń ṣí fúnra rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá ti le jù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, gbogbo wọn sì sá. Ká ní ìpẹtà ti di í pa, tàbí ká ní omi tó máa ń kó sísàlẹ̀ táǹkì ti jẹ irin rẹ̀ tín-ín-rín látinú, táǹkì yẹn lè bẹ́.

Mo padà lọ tìtìjú tìtìjú. Ibi tí mo ti ṣìṣe kò ṣòro rí. Bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ kọjá 120, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á wá pa fáàfù. Ìlà tí mo kọ bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn: fáàfù, ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́. Ẹni tó jókòó sílé lè ka gbogbo rẹ̀ tán kó tó ronú. Ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ máa ń ṣe ohun tó kọ́kọ́ gbọ́. Yorùbá tiẹ̀ fẹ́ràn kí “bí” ṣáájú. Kò sí ìyá tó máa sọ fọ́mọ pé “Kó aṣọ wọlé bí òjò bá ṣú.” “Tí òjò bá ṣú, kó aṣọ wọlé” lo máa gbọ́. Òyìnbó inú ìwé ló jẹ́ kí n gbàgbé ẹnu ara mi.

Mo tún un kọ. Gbólóhùn kan, iṣẹ́ kan:

“Bí ọwọ́ géèjì bá kọjá 120, pa ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dúró, pa fáàfù họ́ọ̀sì dé. Bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ tí kò dúró, má fọwọ́ kan fáàfù. Sá kúrò níbẹ̀.”

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ò sí nínú ìwé Òyìnbó. Ẹ̀gbọ́n ló béèrè pé, “Tí ẹ́ńjìnnì ò bá wá kú ńkọ́?” Tí àṣẹ kejì bá dúró lórí àkọ́kọ́, ó yẹ kó o sọ ohun tó kàn tí àkọ́kọ́ bá kùnà.

Ẹ tún wo “bá”. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, àmọ́ òun ló gbé ìkìlọ̀ náà ró. “Nígbà tí afẹ́fẹ́ kọjá 120” ti di ìtàn, ó ti ṣẹlẹ̀ lánàá. “Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kọjá 120” ń dúró de ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni “kọjá” kì í ṣe “dé”. Tí mo bá kọ “bá dé 120,” wọ́n á pa ẹ̀rọ nígbà tí ọwọ́ géèjì bá kan 120 gan-an, bẹ́ẹ̀ ìwé náà gbà wọ́n láyè títí dé ibẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀rọ yẹn sì ni 120. Tìẹ lè yàtọ̀, wo ara táǹkì rẹ.

Wàhálà tó kàn ni ẹni tó ń kun pátákó. Kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ká ní mo lo “tí” dípò “bí,” tí mo sì lo “ti” dípò “pa dé,” ohun tí ẹ máa rí lára ògiri nìyí: TI FAAFU BA N JO, TI FAAFU. Èwo ni “bí,” èwo ni “pa á dé”? Ìdí nìyẹn tí mo fi di “bí” àti “pa dé” mú. Ibì kan ṣì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n kùn ún tán, ọmọ iṣẹ́ kan ka OWO GEEJI, ó bú sẹ́rìn-ín: “Ọ̀gá, èló ni owó géèjì?” A pa á rẹ́, a fi ABERE síbẹ̀.

Ohun ìkẹyìn ni pé àṣẹ yàtọ̀ sí àbájáde. Ní March 28, 1979, ní Three Mile Island, ilé iṣẹ́ iná atọ́míìkì kan ní Pennsylvania, fáàfù kan ṣí nígbà tí ìfúnpá lọ sókè. Ó yẹ kó padé nígbà tó wálẹ̀, àmọ́ ó há. Iná tó wà níwájú àwọn òṣìṣẹ́ sọ pé wọ́n ti ránṣẹ́ sí fáàfù pé kó padé. Kò sọ pé ó ti padé. Wọ́n gbà pé ó ti padé, omi sì ń jáde lọ fún ohun tó ju wákàtí méjì lọ. Apá kan inú ẹ̀rọ náà yọ́.

Torí ẹ̀ ni mo fi kọ “bí ẹ́ńjìnnì bá ti dúró,” tí mi ò kọ “bí o bá ti pa ẹ́ńjìnnì.” Ẹnikẹ́ni lè tẹ bọ́tìnnì. Etí ló máa sọ bóyá ẹ́ńjìnnì ti kú.

Ká tó gbé pátákó tuntun kọ́, a dán an wò. Ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́. Mo ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, mo dákẹ́, ọmọ iṣẹ́ sì ń fọwọ́ kan ohun tó gbọ́. Ó kan ẹ́ńjìnnì, ó tẹ́tí, ó wá kan fáàfù. Ẹ̀gbọ́n ní, “Ó dáa báyìí.” Ó gba ìwé àkọ́kọ́ lọ́wọ́ mi, ó fà á ya.