Gíráàfù Alámì Tàbí Gíráàfù Olópòó? Fífi Iṣẹ́ Ẹ́ńsáìmù Hàn àti Kíkọ Àlàyé Abẹ́ Rẹ̀

Ìbéèrè kan ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé: nígbà tí olùwádìí bá ti wọn bí ẹ́ńsáìmù ti ń ṣiṣẹ́ tó nínú ìpèsè bíi mélòó kan, irú gíráàfù wo ni ó yẹ kí ó fi èsì náà hàn? Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Nínú gíráàfù olópòó, òpó kan ṣoṣo ni ó ń dúró fún ìpíndọ́gba ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú gíráàfù alámì, èsì kọ̀ọ̀kan ni ó ní àmì kékeré tirẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì lè yí ìpinnu òǹkàwé padà.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ àfinúrò kan ṣàlàyé. Olùwádìí kan fẹ́ fi ámíléèsì inú ọkà bàbà funfun wé ti ọkà bàbà pupa, lẹ́yìn tí ó ti mú wọn hù fún ọjọ́ mẹ́rin, tí ó sì ti gbẹ wọn. Ó ṣe ìpèsè márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan. Ó da omi tí ó yọ lára ọkà náà mọ́ sítáàṣì, ó fi ásíìdì dáínáítíróṣalisílíkì dá iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù dúró, ó sè é, ó sì fi ẹ̀rọ wọn bí àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n tó ní 540 nm. Èsì rẹ̀, ní yúníìtì fún gíráàmù ọkà gbígbẹ kan, nìyí: ọkà funfun, 41, 43, 44, 45 àti 47, ọkà pupa, 38, 38, 39, 40 àti 65.

Ìpíndọ́gba ọ̀wọ́ méjèèjì jẹ́ 44. Bí ó bá ya òpó, òpó méjèèjì yóò dọ́gba, òǹkàwé yóò sì gbà pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Lóòótọ́, ìlà tí ń fi ìfọ́nká èsì hàn yóò gùn lórí òpó ọkà pupa, nítorí pé ìwọ̀n ìfọ́nká tirẹ̀ jẹ́ 11.8, ti funfun sì jẹ́ 2.2. Ṣùgbọ́n bákan náà ni ìlà yìí ṣe ń gùn sókè àti sísàlẹ̀. Yóò dà bí ẹni pé àwọn èsì náà yí 44 ká. Bẹ́ẹ̀ sì kọ́. Kò sí èsì ọkà pupa kan tí ó súnmọ́ 44: mẹ́rin kóra jọ sísàlẹ̀, ọ̀kan dá wà lókè. Gíráàfù alámì a fi èyí hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 2015, Tracey Weissgerber àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàyẹ̀wò àpilẹ̀kọ 703 nínú ìmọ̀ nípa iṣẹ́ ara. Wọ́n rí i pé gíráàfù olópòó wà nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irú ìfarasin yìí wà nínú rẹ̀.

Àmì tí ó dá wà náà ń béèrè àyẹ̀wò. Ọkà tí ó ti hù ní ṣúgà tirẹ̀ nínú, ásíìdì náà a sì pọ́n fún ṣúgà yìí gẹ́gẹ́ bí ó ti ń pọ́n fún èyí tí ẹ́ńsáìmù ṣẹ̀dá. Nítorí náà, ìpèsè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní túùbù àfiwéra tí a da ásíìdì sí kí omi ọkà tó wọ inú rẹ̀, kí a lè yọ iye rẹ̀ kúrò. Bí ìwé àkọsílẹ̀ bá fi hàn pé a kò yọ ọ́ kúrò nínú ìpèsè karùn-ún, kí a tún un wọ̀n. Bí kò bá sí àléébù kan, kí 65 dúró síbẹ̀. Láìsí i, ìpíndọ́gba ọkà pupa di 38.75, funfun a sì borí. Nítorí náà kò tọ́ láti yọ ọ́ nítorí pé ó yàtọ̀ nìkan.

Gíráàfù olópòó ní ipò tirẹ̀: ó dára fún iye tí a kà, bí iye èso ọkà tí ó hù nínú 100, bí òpó bá ti bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ṣùgbọ́n bí ìlà ìsàlẹ̀ bá jẹ́ ìwọ̀n sítáàṣì, bíi 0.1, 0.5, 1 àti 2 nínú 100, alámì ni ó tọ́. Àwọn òpó a máa jìnnà sí ara wọn bákan náà, wọn a sì ba ìrísí bí iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù ṣe ń ga sí i, tí ó sì ń rọra tẹ́, jẹ́.

Àlàyé abẹ́ àwòrán ni yóò sọ ohun tí ojú kò lè rí. Pàtàkì jù lọ ni ohun tí àmì kan dúró fún. Bí a bá wọn ìpèsè kọ̀ọ̀kan nínú túùbù mẹ́ta, túùbù 15 ni yóò wà, ṣùgbọ́n ìpèsè 5 náà ni n. Túùbù mẹ́ta ń sọ bí ọwọ́ òṣìṣẹ́ ti dúró tó. Ìpèsè márùn-ún ni ó ń sọ nípa ọkà. A lè kọ ọ́ báyìí:

Àwòrán 1. Iṣẹ́ ámíléèsì nínú ọkà bàbà funfun àti pupa tí a mú hù fún ọjọ́ mẹ́rin. Àmì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìpèsè kan, ìpíndọ́gba túùbù mẹ́ta (n = 5 nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan). Ìlà ìbú fi èsì tí ó wà láàárín hàn: funfun 44, pupa 39. Yúníìtì kan ni ẹ́ńsáìmù tí ń mú máíkírómóòlù mọ́tóòsì kan jáde ní ìṣẹ́jú kan, ní 30 °C àti pH 5.5. A ti yọ ṣúgà inú ọkà kúrò nínú gbogbo èsì. A kò yọ èsì kankan sílẹ̀.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kò gbọdọ̀ sọnù, nítorí òun ni ó jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ pé 65 kò wà níbẹ̀ nípa ìgbàgbé.