Ìgbẹ́ Dúdú, Ìgbẹ́ Funfun: Èwo Ni Oúnjẹ, Èwo Ni Àìsàn?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n gbé ọmọkùnrin ọlọ́dún 12 kan lọ sí ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà nítorí pé ìgbẹ́ rẹ̀ pọ́n. Àwọn dókítà rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tinú-tẹ̀yìn, wọn kò rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni ara ọmọ náà le koko. Ìgbà tí wọ́n bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tó jẹ ni àṣírí tú. Ọmọ náà ti jẹ àwo sìríàlì kan tó ń jẹ́ Fránkẹ́n Bẹ́rì ní ìjẹta, ó tún jẹ òmíràn ní àná, kí wọ́n tó gbé e wá. Aró pupa ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é pò mọ́ ọn, aró náà kò sì dà nínú ara. Kí ó lè dá wọn lójú, wọ́n bu àwo mẹ́rin fún un jẹ ní ilé ìwòsàn níbẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ń yàgbẹ́ aláwọ̀ osùn. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé àwọn oníṣègùn ọmọdé lọ́dún 1972, títí dòní ni wọ́n sì fi ń dá àwọn dókítà tuntun lẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín ni ti ọmọ yẹn. Àwọ̀ tí oúnjẹ bá kó wá, oúnjẹ náà ló máa ń bá lọ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà le ni pé àwọ̀ méjì kan wà tí kì í ṣe ẹ̀rín rárá, èyíinì ni dúdú tí ẹ̀jẹ̀ fà àti funfun tí àìsí òróòro fà, àwọn méjèèjì sì ni àwọn ènìyàn ilé sábà máa ń fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí àwọ̀ ìgbẹ́ ti ń wá. Ẹni tó jẹ iyán láàárọ̀ tó sì fi fùfú sùn kì í yàgbẹ́ funfun. Òróòro ló ń pa ìgbẹ́ láró. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kí ara tó fọ́ ọ. Lára ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀ ni èròjà yẹ́lò kan tí wọ́n ń pè ní bilirúbìnì. Ẹ̀dọ̀ ló ń kó o jọ, tó ń dà á pọ̀ mọ́ òróòro, òróòro a sì gba ọ̀pá tín-ín-rín kan ṣàn wọ inú ìfun. Nínú ìfun ńlá, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé ibẹ̀ á yí èròjà náà padà, ibẹ̀ ni àwọ̀ búráùn tí gbogbo wa mọ̀ ti ń jáde. Bí inú bá ń ṣàn, tí oúnjẹ sáré kọjá, wọn kì í rí àyè yí i tán, nítorí náà ni ìgbẹ́ gbuuru ṣe lè ní àwọ̀ ewé. Ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tí ènìyàn jẹ ní àjẹyó náà lè fa àwọ̀ ewé yìí, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀.

Dúdú ló gba kí a jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ ká fi ènìyàn méjì ṣe àpẹẹrẹ, tí wọ́n ń gbé inú ilé kan náà. Ìyàwó ilé lóyún, wọ́n sì fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ní ìtọ́jú aláboyún, hóró pupa tí irin wà nínú rẹ̀. Díẹ̀ ni ara ń gbà nínú irin yẹn. Èyí tó kù á bá ìfun lọ, á sì sọ ìgbẹ́ di dúdú. Bàbá ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún ń dùn ún. Ó ti tó oṣù kan tó ti ń ra dáíkílófẹ́nàkì lọ́wọ́ oníkẹ́mísì, nígbà mìíràn kó tó jẹun àárọ̀. Oògùn yẹn ń pa ìrora, ṣùgbọ́n ó tún ń dí ara lọ́wọ́ láti ṣe yọ̀ọ̀rọ̀ tó ń dáàbò bo ògiri ikùn. Omi kíkan tó ń da oúnjẹ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ògiri náà fúnra rẹ̀. Ìbúpùrófìn àti asipirin ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, àní asipirin inú pọ́dà ẹ̀fọ́rí olówó pọ́ọ́kú. Bí ọgbẹ́ inú bá kan iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa dà sínú ikùn láìsí ẹni tó rí i. Bí ẹ̀jẹ̀ náà ṣe ń rin ìrìn àjò gígùn yẹn, omi kíkan àti àwọn kòkòrò inú ìfun á ti sè é di dúdú kó tó dé ìsàlẹ̀. Kò gbà ju nǹkan bíi ṣíbí ìjẹun mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ lọ kí ìgbẹ́ tó dúdú.

Ilé kan, ìgbẹ́ dúdú méjì. Báwo ni wọ́n ṣe yàtọ̀ síra?

Ìgbẹ́ ti aláboyún ní ìrísí. Ó dì, ó tilẹ̀ lè le jù, torí pé oògùn ẹ̀jẹ̀ máa ń fa inú kíkún. Òórùn rẹ̀ kò yí padà. Bí wọ́n bá fi bébà ìdọ̀tí funfun nù ún tí wọ́n wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ, etí rẹ̀ máa ń ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Ti bàbá kì í dì dáadáa. Ó ń dán, ó sì ń lẹ̀ bíi ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, èèyàn á da omi sí i lẹ́ẹ̀mejì kí àwo ìyàgbẹ́ tó mọ́. Lórí bébà funfun, etí rẹ̀ máa ń pọ́n rúsúrúsú. Òórùn rẹ̀ tún wà lọ́tọ̀: ó wúwo, ó burú kọjá ti ìgbẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ máa ń mọ̀ ọ́n láti ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ohun tó tún ṣe pàtàkì ju àwọ̀ lọ ni bí ara bàbá ṣe rí. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ tó bá dìde, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, tí òógùn tútù ń bò ó, ilé ìwòsàn ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe lọ́la. Wọ́n á wo ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á fi omi ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ gidi gbà á bó bá yẹ, wọ́n á sì ti kámẹ́rà kékeré gba ẹnu rẹ̀ wọ inú ikùn láti wá ọgbẹ́ náà.

Ibi tí àṣìṣe ti sábà ń wọlé nìyí. Bàbá ti rẹ̀, ojú rẹ̀ ti funfun. Ọmọ rẹ̀ wò ó, ó ní ẹ̀jẹ̀ bàbá ló dín kù, ó sì lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgbẹ́ dúdú ti ní àlàyé, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ pọ̀ mọ́ oògùn ìrora kò gbọ́dọ̀ fi àwọ̀ nìkan dájọ́ mọ́, bébà funfun náà kò tó. Ó di kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ wò. Aláboyún ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tìtorí ìgbẹ́ dúdú sọ oògùn nù. Àyè ara rẹ̀ nílò irin yẹn, ìgbẹ́ náà á sì padà sí búráùn láàárín ọjọ́ mélòó kan tí oògùn bá parí.

Ti pupa kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bíítì-rúùtù lè pa ìgbẹ́ àti ìtọ̀ láró, èèpo tàtàṣé àti tòmátò tí kò dà náà lè hàn nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó pọ́n rokoso, tó kán sórí ìgbẹ́ tàbí sára bébà, ibi ìdí ló ti sábà ń wá. Àwọn ènìyàn wa ti ní orúkọ fún un, jẹ̀dí, wọ́n sì ní àgbo rẹ̀ ní gbogbo ìkóríta. Ó lè jẹ́ jẹ̀dí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà máa ń ṣẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tó ti kọjá ogójì ọdún tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, tàbí tó ń rù sí i, yẹ kó gbà kí dókítà wo inú ìdí rẹ̀ kó tó ra ìgò àgbo kejì.

Funfun ni ti òróòro. Nígbà tí ọ̀pá òróòro bá dí, aró kò dé inú ìfun mọ́, ìgbẹ́ á wá ṣì tuu, á funfun bí ẹfun. Bilirúbìnì tí kò rí ọ̀nà lọ á padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ojú á pọ́n yẹ́lò, kíndìnrín á gbìyànjú láti tọ̀ ọ́ dànù, ìtọ̀ á sì ṣú bíi kóòkì, ara á máa yún. Kò sí oúnjẹ tó ń ṣe ìgbẹ́ funfun pẹ̀lú ìtọ̀ ṣíṣú lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun aláìléwu kan tó máa ń sọ ìgbẹ́ di funfun ni oògùn funfun tí wọ́n ń fún ènìyàn mu kí wọ́n tó ya àwòrán ikùn rẹ̀, ẹni tó mu ún sì máa mọ̀ pé òun mu ún.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ju bí ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe mọ̀ lọ. Sẹ́ẹ̀lì pupa tiwọn kì í lo 120 ọjọ́, ó ń fọ́ láìpẹ́, ìdí nìyẹn tí ojú wọn fi sábà ń pọ́n díẹ̀. Nígbà tó bá pọ́n sí i, ilé á ní ibà ni, tàbí pé ara ló tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbẹ́ ni kí wọ́n wò. Bó bá jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì ló ń fọ́ púpọ̀, òróòro ṣì ń ṣàn, aró tilẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìgbẹ́ kò ní funfun. Ṣùgbọ́n bilirúbìnì tó pọ̀ lápọ̀jù yẹn tún máa ń dì di òkúta nínú àpò òróòro. Òkúta kan lè yọ́ wọ inú ọ̀pá kó sì dí i. Nígbà náà ni ìrora á mú un lábẹ́ ìhà ọ̀tún, ìgbẹ́ á ṣì, ìtọ̀ á ṣú. Bí ibà àti òtútù gbígbọ̀n bá kún un, kòkòrò ti wọ inú ọ̀pá náà nìyẹn, ó sì ti di ọ̀ràn pàjáwìrì.

Fún ìkókó, àkókò kò dúró rárá. Ìgbẹ́ àkọ́kọ́ ọmọ máa ń dúdú mọ́ àwọ̀ ewé, lẹ́yìn ọjọ́ bíi mẹ́ta á di yẹ́lò, àwọ̀ ewé náà kò burú. Funfun tàbí yẹ́lò ràkọ̀ràkọ̀ tó ṣì gan-an ni kò dára. Àwọn ọmọ kan wà tí ọ̀pá òróòro wọn dí pa láti ọjọ́ kékeré. Morio Kasai, oníṣẹ́ abẹ ará Japan, ló wá ọ̀nà láti fa ìfun pọ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀ fún wọn ní àwọn ọdún 1950, iṣẹ́ abẹ náà sì máa ń yọrí jù bí wọ́n bá ṣe é kí ọmọ tó pé 60 ọjọ́. Nítorí èyí ni ìjọba Taiwan ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 2004 láti máa fi káàdì àwọ̀ ìgbẹ́ sínú ìwé ìlera tí gbogbo ìyá ọlọ́mọ tuntun ń gbà, kí ìyá lè fi ìtẹ̀dí ọmọ wé àwòrán tó wà lórí rẹ̀.

Níbi tí kò sí káàdì, ìtẹ̀dí fúnra rẹ̀ ti tó. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ṣì ń pọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń ya oríṣi bilirúbìnì méjì sọ́tọ̀, kódà bí àwọn àgbà ilé bá ní kí wọ́n máa sá a sí oòrùn àárọ̀. Kí ìyá ká pámpásì tó ní ìgbẹ́ nínú dání, tàbí kó ya fọ́tò rẹ̀ ní ìta nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, torí iná yẹ́lò inú yàrá máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ funfun dà bí ẹni pé ó ní àwọ̀.