Ewì Apanilẹ́rìn-ín Lórí Ọjọ́ Burúkú

Bí a bá bi Yorùbá léèrè pé, “Ṣé dáadáa ni?”, èsì tí ó sábà máa ń yá sí i lẹ́nu ni “A dúpẹ́.” Ilé rẹ̀ lè ti jò mọ́jú, owó rẹ̀ lè ti sọnù lọ́jà, síbẹ̀ “A dúpẹ́” ni yóò kọ́kọ́ wí kí ó tó ro ẹjọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ewì apanilẹ́rìn-ín nípa ọjọ́ tí nǹkan kò lọ déédéé ti ní irinṣẹ́ pàtàkì kan lọ́wọ́ nínú èsì yìí. Irinṣẹ́ náà ni kí a fi ọ̀rọ̀ kékeré ru ẹrù ńlá. Èkejì rẹ̀ ni àkókò, èyí ni pé kí a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ tí yóò pani lẹ́rìn-ín yóò ti bọ́ sílẹ̀.

Irú ewì yìí yàtọ̀ sí orin ẹ̀fẹ̀ tí a ń gbọ́ lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní agbègbè Kétu. Ẹlòmíràn tí ó hùwà tí kò tọ́ ni ọ̀pọ̀ orin ẹ̀fẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú ewì tí a ń wí yìí, ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ gan-an ni ìyà jẹ, òun náà ni yóò sì ròyìn ìyà náà bí ẹni pé kò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ọkùnrin kan ń lọ síbi ìgbéyàwó. Ó fi áyọ́ọ̀nù jó agbádá rẹ̀, ọ̀gbàrá gbé bàtà rẹ̀ kan lọ, nígbà tí ó sì débẹ̀, ó gbọ́ pé ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó náà. Bí akéwì tí kò tíì mọwọ́ iṣẹ́ yìí yóò ṣe kọ ọ́ nìyí:

Háà! Ìyà ńlá jẹ mí ní Sátidé!
Ihò ràgàjì ni áyọ́ọ̀nù dá sí agbádá mi,
Bàtà mi ni ọ̀gbàrá gbé lọ,
Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó,
Ojú tì mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún!

Gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín. Ìdí kìíní ni pé akéwì ti sunkún tán kí olùgbọ́ tó dé. “Háà”, “ìyà ńlá” àti “ràgàjì” ti sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tóbi tó, kò sì ku iṣẹ́ kankan tí olùgbọ́ yóò ṣe. Àsọdùn dára fún oríkì, níbi tí a ti fẹ́ kí ènìyàn ga ju bí ó ti rí lọ. Níhìn-ín, ńṣe ni a fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kéré ju ìṣẹ̀lẹ̀ lọ, kí olùgbọ́ fúnra rẹ̀ wọn àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì. Àlàfo yẹn ni ẹ̀rín ti ń jáde.

Ìdí kejì wà nínú ìhun gbólóhùn. Nígbà tí a bá fẹ́ tẹnu mọ́ nǹkan ní èdè Yorùbá, a máa ń gbé e síwájú, a ó sì fi “ni” tẹ̀ lé e: “Bàtà mi ni ọ̀gbàrá gbé lọ.” Ìhun yìí wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń ba àwàdà jẹ́, nítorí pé ó ti tú àṣírí kí ìlà tó parí. Bí “ọ̀sẹ̀ tó kọjá” bá ti jáde lẹ́nu níbẹ̀rẹ̀, ìyókù ìlà náà ti di àṣẹ́kù oúnjẹ.

Ẹ wo ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà kọ ọ́:

Mo lọ agbádá mi láàárọ̀ Sátidé.
Áyọ́ọ̀nù fẹ́ràn rẹ̀, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.
Atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé báyìí.
A dúpẹ́.

Òjò rọ̀ díẹ̀ kí n tó dé ibùdókọ̀.
Bàtà méjì ni mo wọ̀ kúrò nílé,
Èmi àti ọ̀gbàrá pín in dọ́gba.
A dúpẹ́.

Mo débi ìgbéyàwó ní aago mẹ́wàá gééré.
Èrò kò pọ̀, mo rí ibi jókòó dáadáa.
Ẹni tó ń gbálẹ̀ kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà,
Ó ní ìgbéyàwó náà dùn gan-an lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Kò sí “ihò” nínú ẹsẹ kìíní, bẹ́ẹ̀ ni kò sí “jó”. Atẹ́gùn tí ó ń wọlé ni olùgbọ́ fi mọ̀ pé aṣọ ti lu. Nínú ẹsẹ kejì, “pín in dọ́gba” dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìyá tí wọ́n ń pín ogún ní ìrọ̀rùn. Àmọ́ olùgbọ́ ti ka bàtà náà lọ́kàn rẹ̀, ó sì ti rí ọkùnrin tí ó ń fi ẹsẹ̀ kan lásán rìn. Ohun tí a dín kù gbọ́dọ̀ ṣeé fojú inú rí báyìí. Bí akéwì bá kàn wí pé “bàtà mi kò pé mọ́”, ìròyìn lásán ni, nítorí kò sí àwòrán tí olùgbọ́ lè dì mú.

Nínú ẹsẹ kẹta, “èrò kò pọ̀” ni irúgbìn. Olùgbọ́ gbọ́ ọ bí ohun rere, kò fura. Ìgbà tí “lọ́sẹ̀ tó kọjá” bá bọ́ sílẹ̀ ní òpin pátápátá ni yóò tó mọ ìdí tí àga fi ṣófo. Bí a kò bá gbin nǹkan kan sílẹ̀ ṣáájú, òpin ewì á dà bí irọ́. Bí a bá sì gbìn ín jù, olùgbọ́ á ti débẹ̀ ṣáájú akéwì.

“A dúpẹ́” kò sí ní ìparí ẹsẹ kẹta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti wáyé, etí sì ti ń retí ẹ̀kẹta. Kí akéwì pa ẹnu mọ́ níbẹ̀. Àwọn olùgbọ́ ni yóò wí i fúnra wọn, pẹ̀lú ẹ̀rín. Bí ó bá fi àlàyé kún un pé “ẹ ò rí i bí ojú ṣe tì mí tó”, ó ti fi omi pa iná tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ràn.

Ọ̀nà tí a lè gbà dán ewì bẹ́ẹ̀ wò ni kí a kà á sókè fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, kí a má sì rẹ́rìn-ín rárá. Bí ó bá rẹ́rìn-ín kí ìlà tó parí, a ti tú àṣírí ní kùtùkùtù. Bí ó bá béèrè pé, “Kí ló wá ṣẹlẹ̀?”, a ti dín ọ̀rọ̀ kù jù. Bí ó bá káàánú tí kò rẹ́rìn-ín, ó ṣeé ṣe kí àdánù náà wúwo ju ohun tí ọ̀nà yìí lè gbé lọ.

Ibẹ̀ ni ààlà rẹ̀ wà. Aṣọ, bàtà àti ìrìn àjò asán ṣeé fi rẹ́rìn-ín nítorí pé a lè rí òmíràn. Bí akéwì bá fi ohùn tútù yìí ròyìn ikú ọmọ tàbí àìsàn ìyá, kì í ṣe ẹ̀rín ni yóò jáde, omijé ni. Ọgbọ́n kan náà ni a fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ewì ọ̀fọ̀ ni olùgbọ́ yóò gbọ́.