Ṣéènì Ọ̀kadà Tó Dípáàrà: Orí Píìnì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Gé

Abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ni ọ̀kadà àbúrò mi wà láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ títí ọyẹ́ fi mú. Ọjọ́ tó fẹ́ padà sórí rẹ̀, táyà ẹ̀yìn kọ̀, kò yí. A tú irin tó bo ṣéènì, ohun tí a bá lábẹ́ rẹ̀ pọ́n kuku bí ilẹ̀ amọ̀. Oríkèé kan ti ká bí ìka tó rọ, kò sì nà mọ́. Àbúrò mi ti mú hámà. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí n lù ú lẹ́ẹ̀kan péré.” Mo ní kó gbé e sílẹ̀. Ibi tó fẹ́ lù, orí irin eléyín iwájú ni, ọ̀pá tó sì gbé irin náà dúró ti inú ẹ́ńjìnnì wá. Gbogbo agbára hámà yóò lọ sára bíárìn tó wà nínú lọ́hùn-ún, ṣéènì lè má sì já.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ènìyàn, ó yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe so ṣéènì. Oríkèé inú àti oríkèé òde ló ń tẹ̀lé ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Oríkèé inú ló ní búúṣì méjì, pẹ̀lú róólà tó ń yí lórí wọn. Oríkèé òde jẹ́ irin pẹlẹbẹ méjì tí píìnì méjì so pọ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ píìnì yìí wọ ihò tó há mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá tẹ orí rẹ̀ kó fẹ̀, kó má baà yọ padà. Nígbà tí ọ̀rá bá ti tán lára ṣéènì, omi a wọ àárín píìnì àti búúṣì, ìpáàrà a sì dì wọ́n mọ́ra. Ìpáàrà ló ń mú kí oríkèé le. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lu píìnì tí kò jáde, orí rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ fẹ̀ yẹn gan-an ló dì í mú. Ẹni tí kò mọ èyí yóò máa da epo sí i, yóò sì máa lù ú, títí irin pẹlẹbẹ yóò fi wọ́.

Ọ̀gá mẹkáníìkì tí a ránṣẹ́ sí kò tilẹ̀ wo ibi tó ká yẹn lákọ̀ọ́kọ́. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin nu ṣéènì díẹ̀díẹ̀, ó ń fọwọ́ yí táyà, ó ń wá lọ́ọ̀kì ṣéènì. Lọ́ọ̀kì ni oríkèé kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe fún títú. Lójú rẹ̀ lóde, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó dà bí ẹja, ẹnu rẹ̀ là ní ìhà kan. Bí kò bá tíì dípáàrà púpọ̀, pílásì lásán tó o: ẹ fi ẹnu pílásì kan sórí píìnì, ẹ fi ìkejì sí ẹ̀yìn ibi tí ẹja náà ti là, kí ẹ fún un pọ̀. Yóò fò kúrò, nítorí náà ẹ má ṣe gbé ojú sún mọ́ ọn. Tiwa ti jẹ kù bí ewé tí kòkòrò jẹ. Ó ṣẹ́ sí méjì, irin pẹlẹbẹ abẹ́ rẹ̀ kò sì mira. Ọ̀gá ní, “Ibi tó ká yẹn náà ni a ó ti gé e. Kò sáà wúlò mọ́.”

Ó kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn, ó sún táyà síwájú kí ṣéènì lè dẹ̀. Ó ti kọ́ọ̀kì epo, ó fi àkísà tútù bo táyà, ó sì nu kẹrosíìnì tí àbúrò mi ti dà sí i láti àárọ̀ kúrò pátápátá, nítorí máṣíìnì fáìlì a máa ta iná. Ẹ́ńjìnnì kú, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni tan án láti fi yí ṣéènì. Ìka tí ṣéènì bá fà sáàárín eyín irin kì í jáde bó ṣe wọlé.

Ó wá yí táyà títí oríkèé náà fi gun irin eléyín ẹ̀yìn, níbi tí kò ti lè mì. Ó fi máṣíìnì fáìlì lọ orí píìnì kan ní ìhà òde, fẹ́rẹ́, fẹ́rẹ́, ó ń dúró kó tutù. Mo bi í pé báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ó tó. Ó ní kí n tẹjú mọ́ ọn. Bí orí píìnì ti ń lọ, irin méjèèjì kọ́kọ́ dà bí ẹyọ kan. Nígbà tí orí náà tán, òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan hàn lójú irin, bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ yàwòrán yípo. Ibẹ̀ ni píìnì àti ihò rẹ̀ ti pínyà. Ẹni tí kò bá ní máṣíìnì lè fi fáìlì ọwọ́ ṣe é, àpá rẹ̀ nìkan ni yóò ro ó.

Ó fa ṣéènì wálẹ̀ kúrò lára irin eléyín, ó tẹ́ ẹ lé irin kan tó fi sórí pákó. Ó fi nọ́ọ̀tì sípánà 13 sábẹ́ píìnì náà, kí ihò nọ́ọ̀tì lè gba píìnì tó ń bọ̀, kí ara nọ́ọ̀tì sì gbé irin pẹlẹbẹ dúró. Píìnì irú ṣéènì yìí tó nǹkan bíi mìlímítà mẹ́rin àbọ̀, nítorí náà páńṣì tó lò tẹ́ẹ́rẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnu rẹ̀ sì tẹ́jú. Ìṣó ì bá ti tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi hámà kàn án, píìnì já sínú nọ́ọ̀tì. Ṣéènì là.

Ẹni tó bá fẹ́ lo ṣéènì náà padà gbọ́dọ̀ yọ píìnì kejì oríkèé yẹn pẹ̀lú, kó fi lọ́ọ̀kì tuntun rọ́pò rẹ̀. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, kó wọ̀n ọ́n ná. Nọ́ńbà 428 ló wà lára tiwa. Ní irú ṣéènì bẹ́ẹ̀, mìlímítà 12.7 ló wà láti àárín píìnì kan sí èkejì, ogún oríkèé sì jẹ́ 254 nígbà tó wà ní tuntun. A fà á le, a wọ̀n ọ́n: ó ti kọjá 260. Nígbà tó bá ti tó 259, kó kúrò lára ọ̀kadà, nítorí yóò máa jẹ eyín irin tó gbé e.

Ọ̀gá kò ju ti àtijọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó fi lọ́ọ̀kì so orí tuntun mọ́ ìdí rẹ̀, ó rọra fà á, ti àtijọ́ sì fa tuntun gba orí irin eléyín iwájú kọjá láìtú ìbòrí ẹ́ńjìnnì rárá. Lẹ́yìn náà ló wá tú wọn, ó so tuntun pọ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ó ní kí àbúrò mi wo orí ẹja lọ́ọ̀kì náà dáadáa: orí tó dì ni kó kọjú sí ibi tí ṣéènì ń lọ, ibi tó là sì wà lẹ́yìn. Bí ẹ bá fi sódì, ohunkóhun tó bá gbá ẹnu rẹ̀ lójú ọ̀nà lè tì í bọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà, ẹ yí táyà yín lónìí, kí ẹ wo ibi tí tiyín kọjú sí.