Ojú Pọ́n Rúsúrúsú: Ṣé Ẹ̀dọ̀ Ló Bàjẹ́ Ni, àbí Ọ̀nà Òróòro Ló Dí?

Bí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ bá mú èèyàn, bilirúbìnì ló máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ara ẹ̀jẹ̀ tó ti gbó ni bilirúbìnì ti ń jáde, ẹ̀dọ̀ ló sì ń dà á sínú òróòro kó lè bá ìgbẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n iye bilirúbìnì nìkan kò lè sọ ibi tí wàhálà wà. Ó lè jẹ́ pé àìsàn ń ba sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè jẹ́ pé òkúta ló dí ọ̀nà òróòro. Ìlà méjì mìíràn lórí èsì àyẹ̀wò ni kí a lọ wò: ALT àti ALP.

Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ni ALT ń gbé. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń bàjẹ́, á tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ti ALP yàtọ̀. Bí òróòro bá há, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ALP púpọ̀ sí i, èyí á sì máa jò sínú ẹ̀jẹ̀.

Ká ní níbi àyẹ̀wò kan, 40 ni òpin ALT tó dáa, tí ti ALP sì jẹ́ 120. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní ALT 1,200 àti ALP 180. ALT rẹ̀ jẹ́ òpin náà lọ́nà 30, ALP rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ lọ́nà 1.5. Bí a bá fi 1.5 pín 30, a ó rí 20. Bí èsì ìpín yìí bá tó 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ló ń bàjẹ́, bí ó ti máa ń rí nínú àrùn mẹ́dọ̀wú. Ìyá àgbà kan ní ALT 120 àti ALP 600: ìlọ́po 3 àti ìlọ́po 5, ìpín wọn jẹ́ 0.6. Bí kò bá ju 2 lọ, òróòro ló há. Èyí tó bá bọ́ sáàárín 2 sí 5 pa méjèèjì pọ̀.

Ibi tí ìṣirò yìí ti máa ń tan èèyàn jẹ ni ọjọ́ kìíní tí òkúta há. Obìnrin kan lè dé pẹ̀lú ìrora líle lábẹ́ ìhà ọ̀tún, kí ALT rẹ̀ jẹ́ 480, kí ALP rẹ̀ ṣì wà ní 120. Ìpín náà jẹ́ 12, ẹni tí kò bá bi í léèrè nípa ìrora náà á pè é ní mẹ́dọ̀wú. Òróòro tó há ti kọ́kọ́ ṣe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ léṣe, nígbà tó jẹ́ pé ALP gba ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó pọ̀. Bí wọ́n bá tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ALT á ti máa wálẹ̀, ALP á sì máa gòkè.

ALP tún ń ti ara egungun wá, ó sì ń ti ibi ọmọ wá, nítorí náà ó lè ga lára ọmọdé tó ń dàgbà àti aláboyún láìsí àrùn kankan. GGT ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, torí egungun kì í gbé e ga. Bí GGT náà bá ga, ó kan síkáànì: bí ọ̀nà òróòro bá fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nǹkan dí i nísàlẹ̀. Bí kò bá fẹ̀, oògùn tàbí àrùn inú ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ lè ti há òróòro mọ́ àwọn ojú ọ̀nà tín-ín-rín, bẹ́ẹ̀ náà ni òkúta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ há lè má tíì mú ọ̀nà fẹ̀.