Ẹ̀fọ́rí Ẹ̀yìn Ojú: Ibà Ni Àbí Túúlu?

Ní Ìrókò, ẹ̀yìn ojú òsì mi ni ẹ̀fọ́rí náà ti bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ó ń lù bí ọmọ odó. Nígbà tí oòrùn yọ, n kò lè la ojú mọ́, èébì sì ń gbé mi. Ìyá mi ní ibà ni. Ṣùgbọ́n ara mi kò gbóná, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò sì rí kòkòrò ibà. Nọ́ọ̀sì ní túúlu ni.

Iṣan ìmọ̀lára kan náà ló ń gbé ìròyìn ìrora wá láti agbègbè ojú àti láti awọ tó bo ọpọlọ. Bí túúlu bá dé, iṣan yìí a tú èròjà tó ń ru ìrora sókè jáde. Ìròyìn náà a gba ìsàlẹ̀ ọpọlọ, nítòsí ibi tó ń darí èébì. A sì tún pàdé ìròyìn ìmọ́lẹ̀ láàárín ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ fi ń dá kún ìrora.

Bí a kò bá tọ́jú túúlu, ó máa ń gba wákàtí 4 sí 72, ẹni tó ń ṣe a sì fẹ́ dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n bí ojú kan bá pọ́n, tí ìríran rẹ̀ ṣú, tí ó ń rí òṣùmàrè yí iná ká, ìfúnpá inú ojú lè ti ga lójijì. Èyí lè fọ́ ojú. Kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bákan náà ni bí ọrùn bá gan pẹ̀lú ara gbígbóná, tàbí bí ẹ̀fọ́rí bá dé lẹ́ẹ̀kan náà bí ààrá.